Pípa Àwòrán Púpọ̀ Pọ̀ Di Ọ̀kan Láti Mú Àmì Ìwé Àtijọ́ Hàn Ketekete

Nínú bébà yìí, a fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe lè fi fóònù lásán ya ojú ewé ìwé àtijọ́ kí àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà má baà sọnù. Ẹni tó bá ka òjò níbi tí wọ́n kọ ọjọ́ sí ti ṣi gbólóhùn náà kà.

Píksẹ́lì tó kéré tóótòòtó ni ó para pọ̀ di àwòrán fóònù. Bí iná kò bá tó, píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan á máa ṣe àṣìṣe tirẹ̀, ojú àwòrán á sì rí hóróhóró. Bí àmì abẹ́ bá sì kéré ju píksẹ́lì kan lọ, yóò pòórá.

Ká ní a ya ewé kan náà nígbà 16 léraléra. Hóró inú wọn kì í bára mu, ṣùgbọ́n lẹ́tà kì í yí padà. Bí a bá ro àwọn àwòrán náà pọ̀ tí a fi 16 pín in, hóró náà yóò dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin, nítorí pé 4 lọ́nà 4 ni 16. Ọwọ́ wa tó ń gbọ̀n díẹ̀ náà wúlò: ó ń sún àwòrán kọ̀ọ̀kan kúrò nípò ní ìwọ̀n tí kì í sábà jẹ́ odindi píksẹ́lì, ohun tí èyí kò rí, òmíràn á rí i. Bí fóònù bá dúró gbọn-in lórí igi, hóró nìkan ni yóò dín kù.

Lórí kọ̀ǹpútà tó ní `ImageMagick` àti `Hugin`, a tẹ èyí:

```
magick mogrify -resize 200% -format tif *.jpg
align_image_stack -a a_ *.tif
magick a_*.tif -evaluate-sequence mean ewe.tif
```

Ìlà kìíní sọ àwòrán kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po méjì, kí ìsúnkúrò ìdajì píksẹ́lì lè di odindi kan. Ìkejì to lẹ́tà lé lẹ́tà. Ìkẹta pa gbogbo wọn pọ̀.

Bí afẹ́fẹ́ bá ṣí ewé nígbà tí a ń yà á, lẹ́tà á di méjì-méjì. A ó fi `median` rọ́pò `mean`, nítorí kò ka ohun tó yàtọ̀ nínú àwòrán díẹ̀ sí. Àwòrán tó bà jẹ́ nítorí ìmìtìtì ọwọ́ kò ní àtúnṣe níhìn-ín. Ká yọ ọ́ kúrò ṣáájú.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé àmì tí a rí kì í ṣe hóró? Ká pa 8 àkọ́kọ́ pọ̀, ká pa 8 tó kù pọ̀ lọ́tọ̀. Àmì tó bá hàn lójú kan náà nínú méjèèjì wà lórí ìwé lóòótọ́. Èyí tó bá hàn nínú ọ̀kan ṣoṣo, ká má kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ àbàwọ́n ni, ìwé gan-an ni a ó padà wò.