Ọ̀rọ̀ Abẹ́ Àwòrán: Ohun Tí Òbí Ń Wá Nínú Ìkéde Ìgbàwọlé

Bí sáà kẹta bá ti ń lọ sópin, ìkéde ìgbàwọlé ilé ẹ̀kọ́ a gba orí Wáàsáàpù kan. Ẹ ó rí àwòrán ọmọ tó wọ yunifọ́ọ̀mù, ẹ ó sì rí ọ̀rọ̀ díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Àwòrán ni ilé ẹ̀kọ́ sábà máa ń náwó sí, ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ sì ni òbí ń wá. Irú èyí ló wọ́pọ̀ jù: “Ìgbàwọlé ń lọ lọ́wọ́ sí gbogbo kíláàsì. Ẹ yára, ààyè ò pọ̀ mọ́. Ẹ pè wá.”

Ká ní ìyá kan ń kó láti Ìlọrin bọ̀ ní Ìbàdàn, tí ọmọ rẹ̀ ń lọ sí ọdún kẹta girama àgbà. Ó ka “gbogbo kíláàsì”, inú rẹ̀ dùn, ó pè. Wọ́n ní àwọn kì í gba ọmọ sí kíláàsì àṣekágbá. Ìdí wà fún un: ilé ẹ̀kọ́ tó bá fẹ́ forúkọ ọmọ sílẹ̀ fún ìdánwò Wáẹ́ẹ̀kì gbọ́dọ̀ fi máàkì rẹ̀ láti ọdún kìíní girama àgbà ránṣẹ́, ọ̀pọ̀ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kò sì fẹ́ máa wá máàkì ọmọ kiri níbòmíràn. Ìdí náà yé ni, àmọ́ ìkéde ni kò jẹ́ kí ìyá yìí mọ̀ kó tó pè. Kíláàsì tí àga ṣófo nínú rẹ̀ nìkan ló yẹ kí wọ́n dárúkọ.

Ti jẹ́lé-ó-sinmi tún yàtọ̀. Orúkọ tí ilé ẹ̀kọ́ kan ń pe kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké kì í bá ti ilé ẹ̀kọ́ kejì mu, nítorí náà ọjọ́ orí ni kí wọ́n kọ. Òbí lè má mọ orúkọ kíláàsì, àmọ́ kò sí òbí tí kò mọ ọjọ́ orí ọmọ rẹ̀.

Ọjọ́ ìparí náà ń fẹ́ àlàyé. Kí ló ń parí lọ́jọ́ náà? Ṣé títa fọ́ọ̀mù ni, àbí dídá a padà, àbí sísan owó ilé ẹ̀kọ́? Òbí tó bá rò pé títà ló ń parí lè ra fọ́ọ̀mù lọ́jọ́ náà gan-an, kó wá gbọ́ pé ọjọ́ ìdápadà ló ti kọjá. Ẹ kọ ọjọ́, oṣù àti ọdún. Èyí tí kò bá ní ọdún nínú, ẹnìkan yóò tún fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn lọ́dún tó ń bọ̀, àwọn òbí yóò sì dé ẹnu ọ̀nà yín lórí ọ̀rọ̀ tó ti kọjá.

Bí èmi ì bá ṣe kọ ọ́ fún ilé ẹ̀kọ́ kan ní Mọ́níyà nìyí:

“Ààyè wà fún sáà tó máa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2026, ní Mọ́níyà, Ìbàdàn.
Jẹ́lé-ó-sinmi: ọmọ ọdún 3 sí 5.
Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: kíláàsì 1, 2 àti 4.
Girama kékeré: ọdún 1 àti 2. Girama àgbà: ọdún 1.
Ọjọ́ tí a ó gba fọ́ọ̀mù kẹ́yìn: Ẹtì, 14 oṣù kẹjọ 2026, agogo mẹ́ta ọ̀sán.
Ìdánwò: Àbámẹ́ta, 22 oṣù kẹjọ 2026, agogo mẹ́sàn-án àárọ̀.
Ẹ pe akọ̀wé ilé ẹ̀kọ́, Ajé sí Ẹtì, agogo mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́ta ọ̀sán: 080XXXXXXXX
Wáàsáàpù: https://wa.me/23480XXXXXXXX”

Ẹ wo ìlà tó gbẹ̀yìn dáadáa. Nọ́mbà tí a ń pè jẹ́ mọ́kànlá, òdo ló sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nínú ìlà Wáàsáàpù, a ó yọ òdo yẹn kúrò, a ó fi 234 rọ́pò rẹ̀. Bí a bá gbàgbé òdo síbẹ̀, òbí yóò tẹ̀ ẹ́, kò ní gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ́kọ́ fi fóònù ẹlòmíràn dán an wò. Kí nọ́mbà náà sì jẹ́ ti ilé ẹ̀kọ́: bó bá jẹ́ ti tíṣà kan, ọjọ́ tó bá fiṣẹ́ sílẹ̀ ni ìpè àwọn òbí bá a lọ.

Àwọn tó rí àwòrán náà tún lè fi í ránṣẹ́ láìfi ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ sí i. Nítorí náà, kí ọjọ́ ìparí, àdúgbò àti nọ́mbà wà lára àwòrán fúnra rẹ̀ pẹ̀lú.

Ìpè àwọn òbí ni yóò sọ ohun tó kù fún yín. Bí wọ́n bá ń béèrè ṣáá pé “Ibo lẹ wà?”, àdúgbò ni kò hàn. Bó bá jẹ́ “Ṣé ààyè wà fún ọmọ mi?” ni wọ́n ń bi yín, ẹ padà sí ìlà kíláàsì. Tí kíláàsì 4 bá sì ti kún, ẹ yọ ọ́ kúrò lọ́jọ́ náà kẹ́ ẹ tó tún ìkéde gbé síta.