Yíyan oúnjẹ lọ́jà fún alátọ̀gbẹ irú kejì

Nínú àtọ̀gbẹ irú kejì, ara kì í lo ínsúlínì bí ó ti yẹ, nítorí náà ṣúgà máa ń pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Kì í ṣe ohun dídùn nìkan ló ń gbé e ga. Sítáàṣì inú gàárì, iṣu àti ìrẹsì pẹ̀lú máa ń di ṣúgà bí oúnjẹ bá ti dà.

Àgbàlagbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàwárí àìsàn yìí lára rẹ̀ lè fi gàárì sílẹ̀, kí ó ra èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, kí ó sì máa jẹ ẹ́ ní àjẹyó. Àṣìṣe ni èyí. Ṣúgà inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n kéré sí ti èyí tó pọ́n, ṣùgbọ́n sítáàṣì kún inú rẹ̀. Ìwọ̀n òkèlè ṣe pàtàkì ju orúkọ rẹ̀ lọ.

Nítorí náà, owó èlùbọ́ ni a máa ń dín kù lọ́jà, tí a ó sì fi ra tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ àti ẹja. Nínú àwo, ẹ̀fọ́ yóò gba ìdajì, ẹja yóò gba ìdá mẹ́rin kan, òkèlè yóò sì gba ìyókù. Ẹ̀wà dára, nítorí kì í tètè dà. Ṣùgbọ́n ó ní sítáàṣì, nítorí náà bí a bá fi gàárì jẹ ẹ́, a ó dín méjèèjì kù.

Ẹni tó ń lo ínsúlínì tàbí gilibẹnkilámáìdì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ó tó dín oúnjẹ kù. Bí òógùn bá bò ó, tí ara rẹ̀ sì ń gbọ̀n, ó ṣeé ṣe kí ṣúgà ti lọ sílẹ̀ jù.