Ikú Òde-Ìrèlè: Kí A Tó Ka Aláìsàn, Ta Ni Aláìsàn?

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kú léraléra ní Òde-Ìrèlè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Orí á kọ́kọ́ fọ́ ẹni náà, ojú rẹ̀ á ṣú, á dákú, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì lò ju ọjọ́ kan lọ tí wọ́n fi kú. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, òkú ti lé ní 15.

Kò tíì pé ọdún kan nígbà náà tí Ẹ̀bólà wọ Èkó, nítorí náà orúkọ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ dá. Àwọn ará ìlú kan ní rárá, wọ́n ní Málókun ló ń bínú, nítorí àwọn kan já wọ ojúbọ rẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé náà kọ́kọ́ sọ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ oògùn apako. Nígbà tó yá, àyẹ̀wò fi hàn pé májèlé kan tó ń jẹ́ mẹ́tánọ́ọ̀lù ni, inú ògógóró ló sì wà.

Báwo ni àwọn tó ń tọpa àjàkálẹ̀ ṣe ń kúrò nínú àròsọ bọ́ sínú òótọ́? Iṣẹ́ wọn ní ìpele púpọ̀, ṣùgbọ́n méjì ló máa ń ba èyí tó kù jẹ́ bí wọ́n bá ṣì í ṣe: mímọ ohun tó ń ṣe aláìsàn ní ti gidi, àti kíkọ òṣùwọ̀n tí a ó fi mọ ẹni tí a ó kà mọ́ wọn.

Ìpele àkọ́kọ́ kì í bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá àyẹ̀wò. Ẹgbẹ́ bùsùn aláìsàn ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Olùtọpa kò gbọdọ̀ gba ohun tí wọ́n sọ fún un lórí fóònù gbọ́. Á lọ wo àwọn tó ṣì wà láàyè fúnra rẹ̀, á ka fáìlì àwọn tó ti kú, á bi àwọn tó tọ́jú wọn léèrè: kí ló kọ́kọ́ ṣe é? Ṣé ara rẹ̀ gbóná? Ṣé ó bì? Ṣé àwọn tó wẹ̀ ẹ́, tó sì gbé e, ṣàìsàn? Lẹ́yìn náà ni á to àmì àìsàn kọ̀ọ̀kan sórí ìwé, á sì wo iye ẹni tó ní in. Ẹ̀fọ́rí nìkan kò lè tọ́ka sí nǹkan kan, torí ibà àti àìsùn náà ń fa ẹ̀fọ́rí. Àmọ́ bí ojú bá ṣú fún ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn kò wọ́pọ̀ nínú àrùn tó ń ranni. Ojú yìí ló yẹ kó mú ọkàn dókítà kúrò lórí kòkòrò àrùn bọ́ sórí májèlé.

Ìdí rẹ̀ rèé. Mẹ́tánọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń ṣe ibi tó pọ̀ jù. Ẹ̀dọ̀ ló ń sọ ọ́ di ásíìdì kan tó ń ba iṣan ojú àti ọpọlọ jẹ́. Ìyípadà yìí máa ń gba àkókò, nígbà mìíràn wákàtí 12 sí 24, nítorí náà ẹni tó mutí lálẹ́ lè jí láàárọ̀, kó lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀, kí ojú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Kò ní í rántí ọtí àná rárá nígbà tí wọ́n bá ń bi í léèrè. Bẹ́ẹ̀ ni ìwọ̀n bíi mílílítà 30, ìyẹn ṣíbí ọbẹ̀ ńlá méjì, lè pa àgbàlagbà.

Yàrá àyẹ̀wò wá kàn. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ àwọn aláìsàn Òde-Ìrèlè, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà. Ẹ̀bólà kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò rí kòkòrò mìíràn tó lè fà á. Ohun tí a bá ní kí yàrá àyẹ̀wò wá nìkan ló lè bá wa rí. Àyẹ̀wò kòkòrò kò lè rí májèlé, bó ti wù kí ẹ̀rọ náà dára tó. Nítorí náà, “a kò rí i” kò túmọ̀ sí “kò sí nǹkan”. Ó túmọ̀ sí pé kí a yí ìbéèrè padà.

Bí ìbéèrè bá sì ti yí padà, ọ̀nà tí a ń gbà gba ẹ̀jẹ̀ náà gbọ́dọ̀ yí padà. Bí nọ́ọ̀sì bá fi òwú tó ti bọ sínú sípíríìtì nu apá aláìsàn kó tó gún un lábẹ́rẹ́, sípíríìtì yẹn lè wọnú ẹ̀jẹ̀, kó sì da èsì rú. Bí ìdérí ìgò kò bá dé dáadáa, mẹ́tánọ́ọ̀lù á fẹ́ lọ. Bí ọjọ́ bá sì ti kọjá kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀, ara lè ti sọ gbogbo rẹ̀ di ásíìdì, kí èsì sì máa sọ pé kò sí nǹkan. Ásíìdì yẹn ni a ó wá nígbà náà.

Ìpele kejì ni òṣùwọ̀n. Bí a kò bá kọ ọ́, nọ́ọ̀sì kan á ka gbogbo ẹni tí orí ń fọ́, èkejì á ka òkú nìkan, iye tí àwọn méjèèjì bá mú wá kò sì ní í ṣeé fi wéra. Òṣùwọ̀n máa ń sọ nǹkan mẹ́rin: àmì àìsàn, irú ẹni, ibi, àti àkókò. Èyí tó wà nísàlẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tí ìjọba lò, èmi ni mo kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ:

“Ẹnikẹ́ni tó gbé ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìrèlè tàbí tó dé ibẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin 2015, tí ojú rẹ̀ ṣàdédé ṣú tàbí tó ṣàdédé dákú, tí a kò sì rí ìdí mìíràn tó ṣe kedere.”

Ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké inú rẹ̀. “Tó dé ibẹ̀” ló mú ẹni tó wá síbi òkú ṣíṣe, tó sì ti padà sí Òkìtìpupa kí àìsàn tó kọ lù ú. “Ṣàdédé” ló yọ ìyá àgbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn kúrò. Ẹni tó bá bá gbólóhùn yìí mu ni a fura sí. Bí òun àti ẹni tí àyẹ̀wò ti mú bá jọ jẹ tàbí jọ mu nǹkan, ó di ẹni tó ṣeé ṣe kó jẹ́. Bí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bá mú òun fúnra rẹ̀, ó dájú. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, a máa ń jẹ́ kí àwọ̀n náà gbòòrò kí ẹnì kankan má bàa bọ́. Bí òye bá ṣe ń kún ni a ó máa fún un pọ̀. Ọjọ́ tí a bá sì yí òṣùwọ̀n padà, a ó padà sórí gbogbo orúkọ tó wà nílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó má bàa jẹ́ pé òfin méjì ni a fi ka àwọn èèyàn kan náà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò sí nínú òṣùwọ̀n yìí, a sì mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ ni: ògógóró. Ká ní a kọ ọ́ pé “ẹni tó mu ògógóró, tí ojú rẹ̀ sì ṣú”, gbogbo aláìsàn inú ìwé wa ni yóò jẹ́ ọ̀mùtí, nítorí àwa fúnra wa la ti lé àwọn tó kù síta. Bí omi kànga ló bá ń pa wọ́n, tàbí oògùn apako, a kò ní í mọ̀ láéláé. Ṣùgbọ́n nígbà tí òṣùwọ̀n bá dákẹ́ lórí ọtí, a lè fi àwọn aláìsàn wé àwọn aládùúgbò wọn tí ara wọn le, ká bi ìhà méjèèjì ní ìbéèrè kan náà nípa ohun tí wọ́n jẹ àti ohun tí wọ́n mu. Bí ọtí bá wá pọ̀ lọ́dọ̀ aláìsàn tó sì ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ àwọn tó kù, ẹ̀rí nìyẹn.

Ìlà “ibi” náà kì í dúró sójú kan. Ní ọdún 2015 kan náà, ògógóró tó ní mẹ́tánọ́ọ̀lù pa àwọn èèyàn ní ìpínlẹ̀ Rífásì. Orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ Ìrèlè wúlò nínú òṣùwọ̀n nígbà tí a kò tíì mọ ohun tó ń pani. Tí a bá ti mọ̀ pé ọtí ni, tí ọtí sì ń wọ mọ́tò láti ìlú dé ìlú, ó di dandan ká pa orúkọ náà rẹ́, ká sì kọ ìwé sí àwọn ilé ìwòsàn ìpínlẹ̀ mìíràn pé kí wọ́n máa wo ojú ẹni tó bá dákú.