Ta Ló Sọ Lẹ́tà Ìsàlẹ̀ Fídíò Di Wínníwínní?

Ní Alímòṣọ́, láti Ìkòtún dé Ẹ̀gbẹ́dá títí wọ Ìgándò, ìnáwó tó bá ti tó ìnáwó kì í ṣe aláìní kámẹ́rà, ìjọ tó bá sì fẹ́ kí ayé mọ òun kì í gbàgbé láti gbé ìsìn sórí ayélujára. Nínú àwọn fídíò wọ̀nyí, orúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ a máa yọ nísàlẹ̀ lórí ọ̀já aláwọ̀ kan, á fò wọlé, á kọ yẹ̀rì, á sì fò jáde. Lójú kọ̀ǹpútà ẹni tó gé fídíò náà, ó rẹwà. Lójú fóònù ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí, wínníwínní ni. Ọ̀pọ̀ ló máa ń ní àìmọṣẹ́ ẹ́dítọ̀ ló fà á. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà ìsàlẹ̀ fídíò ti tóbi tó rí, nígbà tí ẹ̀rọ ò tíì dára tó báyìí. Ìgbà tí ẹ̀rọ dára sí i ni lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í súnkì, kó tó wá bá fóònù pàdé.

Ẹ jẹ́ ká wo tẹlifíṣọ̀n ìdí ńlá tó wà ní pálọ̀ àwọn bàbá wa. Láti ìgbà tí WNTV ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ n'Íbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, 1959, títí di ìgbà tí tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ gbòde, ìlà 576 péré ni àwòrán tí ojú ń rí ní irú ètò tí Nàìjíríà ń lò. Ẹ̀ẹ̀kan náà kọ́ ni tẹlifíṣọ̀n sì ń fa àwọn ìlà náà. Yóò fa ìdajì, yóò fo ìdajì, yóò wá padà fa èyí tó fò. Bí ọwọ́ lẹ́tà kan bá tín-ín-rín tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé orí ìlà kan ṣoṣo ló bọ́ sí, yóò máa ṣẹ́jú wìrìwìrì, nítorí ìdajì àkókò ni kò sí níbẹ̀. Nítorí náà, lẹ́tà tó sanra, tó sì ga, nìkan ló dúró dáadáa. Ìyẹn nìkan kọ́: férémù tẹlifíṣọ̀n máa ń bo etí àwòrán mọ́lẹ̀, ìdí rẹ̀ nìyí tí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n fi sọ ọ́ di òfin pé kí gbogbo ọ̀rọ̀ wà láàárín ìpín 80 nínú 100 àwòrán náà. Kò sẹ́ni tó fẹ́ràn ìdè méjèèjì, ṣùgbọ́n àwọn ló jẹ́ kí lẹ́tà ńlá tó ga tó bí ìpín 5 nínú 100 àwòrán di ohun tó wọ́pọ̀. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn sọ́kàn.

Ìgbà tí àwòrán onílà 1080 dé, ìdè náà já. Lẹ́tà lè kéré sí ìdajì ti tẹ́lẹ̀ kó sì mọ́ kedere, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá lókè òkun ṣe sọ lẹ́tà tín-ín-rín di oge. Táńpílétì tí wọ́n ṣe fún tẹlifíṣọ̀n ńlá tó wà lára ògiri ni ọ̀pọ̀ ẹ́dítọ̀ ń wà jáde lórí ayélujára, tí wọ́n ń fi orúkọ oníbàárà wọn rọ́pò ohun tó wà níbẹ̀. Láàárín àkókò kan náà, olùwòran kúrò ní pálọ̀. Ní Ìkòtún níbí, a lè rí bí ìrìn àjò yẹn ṣe rí lára Emmanuel TV ti ìjọ SCOAN. Ọdún 2006 ló bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn tí àjọ NBC ti fòfin de iṣẹ́ ìyanu tí kò ní ẹ̀rí lórí tẹlifíṣọ̀n Nàìjíríà ní 2004. Orí sátẹ́láìtì ló gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn nígbà náà. Nígbà tí YouTube fi máa ti ojú ìwé rẹ̀ pa ní 2021, àwọn tó ń tẹ̀lé e níbẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù kan. Ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ètò tó jẹ́ ti orí tẹlifíṣọ̀n di ohun tí ẹnìkan ń wò nínú ọkọ̀ èrò, ẹlòmíràn lórí ibùsùn. Orúkọ ẹni tó ń jẹ́rìí àti ìlú tó ti wá ṣì gbọ́dọ̀ ṣeé kà fún gbogbo wọn.

Ìṣirò díẹ̀ yóò fi hàn bí ọ̀ràn náà ṣe jinlẹ̀ tó. Ká mú fóònù tí ojú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 6.5, irú èyí tó kún ìgboro. Fífẹ̀ ojú rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mìlímítà 68 lọ. Bí onífóònù bá dì í mú lóòró, tí fídíò náà sì jẹ́ ti ìbú, gbogbo gíga fídíò náà yóò jẹ́ mìlímítà 38, bí ìka ìlábẹ̀ méjì tí a tò pọ̀. Bí ẹ́dítọ̀ bá wá kọ orúkọ ní fọ́ńtì 40 nínú àwòrán 1080, lẹ́tà ńlá inú rẹ̀ yóò ga tó píkísẹ́lì 28, èyí tó jẹ́ mìlímítà kan péré lójú fóònù. Lójú kọ̀ǹpútà íǹṣì 24 tí ẹ́dítọ̀ ń wò, lẹ́tà yẹn kan náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mìlímítà 8. Lóòótọ́, fóònù sún mọ́ ojú ju kọ̀ǹpútà lọ, ṣùgbọ́n bí a bá tilẹ̀ yọ ìyẹn kúrò, lẹ́tà tí ẹ́dítọ̀ ń rí ṣì tóbi ju ti olùwòran lọ ní ìlọ́po mẹ́rin àti díẹ̀. Ẹ̀tàn gan-an wà níbẹ̀: ohun tó rí lọ́wọ́ ara rẹ̀ kọ́ ló ń tà.

Bí a bá fẹ́ kí lẹ́tà ńlá tó mìlímítà méjì, èyí tí ojú àgbàlagbà lè kà láìfún ojú pọ̀, ó gbọ́dọ̀ tó píkísẹ́lì 57, ìyẹn fọ́ńtì bíi 80. Ẹ wá pín 57 sí 1080: ìpín 5 nínú 100 àti díẹ̀. Ibi tí tẹlifíṣọ̀n ìdí ńlá fi wá sí náà nìyẹn. Wọ́n lè ní kí olùwòran yí fóònù rẹ̀ sí ìbú. Bó bá yí i, lẹ́tà fọ́ńtì 40 yẹn kò tíì tó mìlímítà méjì síbẹ̀. Àti pé ẹni tó ń di irin bọ́ọ̀sì mú ní ọwọ́ kan kì í yí fóònù nítorí orúkọ tí yóò lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta.

Èdè Yorùbá ní ìnira tirẹ̀ lórí èyí, àwọn tó ṣe táńpílétì kò sì rò ó. Ká ní ohun tí a fẹ́ kọ ni «Ìyálọ́jà Ẹ̀gbẹ́dá». Àmì ohùn wà lókè, àmì ìsàlẹ̀ wà nísàlẹ̀, «Ẹ̀» sì rù méjèèjì. Àmì ìsàlẹ̀ fọ́ńtì 40 kò ju píkísẹ́lì mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ. Bí dátà bá kéré tí YouTube sì sọ àwòrán náà di 360p, gbogbo rẹ̀ yóò dín sí ìdá mẹ́ta, àmì náà yóò ku píkísẹ́lì kan àti ààbọ̀. Fífún tí wọ́n máa ń fún fídíò pọ̀ kó lè rọrùn láti fi ránṣẹ́ á wá pa á rẹ́ pátápátá. Ní fọ́ńtì 80, ó ku mẹ́ta, ó sì yè é. Àwọn kan yóò ní kí la fẹ́ fi àmì ṣe, ṣebí ẹni tó gbọ́ Yorùbá á kà á láìsí i. Òótọ́ ni nínú gbólóhùn gígùn, nítorí ọ̀rọ̀ tó yí i ká á ràn án lọ́wọ́. Orúkọ èèyàn lórí ọ̀já kò ní ọ̀rọ̀ kankan tó yí i ká.

Àmì náà ń fẹ́ àyè pẹ̀lú. Ọ̀já tí wọ́n wọ̀n fún lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì yóò gé orí àmì «Ẹ̀» tàbí kó jẹ́ kí àmì ìsàlẹ̀ lẹ̀ mọ́ etí rẹ̀. Fún fọ́ńtì 80, kí ọ̀já ìlà kan má ṣe dín ní píkísẹ́lì 130. Kí a tún yẹ fọ́ńtì wò: «ẹ́» kò ní ààyè tirẹ̀ nínú Unicode, «ẹ» ni a ó kọ, tí àmì ohùn yóò sì gùn ún lórí. Fọ́ńtì oge tí kò mọ èyí yóò gbé àmì náà sí ẹ̀gbẹ́ tàbí kó yọ àpótí òfìfo. Noto Sans mọ̀ ọ́n, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹni tó bá fẹ́ dán fọ́ńtì wò kó tẹ «Ẹ̀gbẹ́dá» kó tó tẹ ohunkóhun mìíràn.

Àwọ̀ náà ní ìṣirò. Léèsì funfun ni ọ̀tá lẹ́tà funfun, irú aṣọ bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ ní àríyá wa. Ọ̀já dúdú tí agbára rẹ̀ jẹ́ 40% lórí léèsì funfun yóò fún lẹ́tà funfun ní ìyàtọ̀ tí kò tó 3 sí 1, bẹ́ẹ̀ òdiwọ̀n tí wọ́n fi ń yẹ ojú ìwé ayélujára wò ń béèrè 4.5 sí 1 fún lẹ́tà kékeré. Gbé e dé 60%, ó fò kọjá 5. Ẹni tó ní ọ̀já dúdú ń ba ẹwà àwòrán jẹ́ ń sọ òótọ́ díẹ̀, torí ọ̀já náà bo nǹkan mọ́lẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni. Ohun tí n kò ní gbà láéláé ni lẹ́tà pupa lórí àwọ̀ búlúù: ìwọ̀nba àwọ̀ ni fídíò ń tọ́jú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin ti ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn rẹ̀, etí lẹ́tà yẹn á sì yòrò.

Ní ti ijó tí lẹ́tà ń jó wọlé, ohun tí fídíò tí dátà rẹ̀ kéré kórìíra jù ni kí gbogbo nǹkan máa rìn lẹ́ẹ̀kan náà. Níbi tí orúkọ ti ń fò, ó di kúbú kúbú, kì í sì í mọ́ títí yóò fi dúró. Kí ọ̀já nìkan rìn, láàárín férémù mẹ́wàá, kí lẹ́tà sì yọ lójú kan náà lórí rẹ̀, kó dúró gbọin. Atọ́nà BBC fún àkọlé ìsàlẹ̀ fi ọ̀rọ̀ 160 sí 180 sí ìṣẹ́jú kan, ìyẹn bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìṣẹ́jú àáyá fún ọ̀rọ̀ kan. Ẹni tó ń wo ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò tètè rí àkọlé, nítorí náà, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ márùn-ún gba ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin lẹ́yìn tó bá ti dúró.

Àtakò tó le jù kì í ṣe ti ẹ̀rọ. Olóyè tó sanwó fún fídíò fẹ́ kí wọ́n kọ Alhájì, Dókítà, Olóyè, oyè ìjọba, oyè ìlú, àti orúkọ mẹ́rin. Ní fọ́ńtì 80, lẹ́tà bíi 36 ló wọ ìlà kan. Ohun tí ẹ́dítọ̀ máa ń ṣe ni kó sọ fọ́ńtì di 30 kí gbogbo rẹ̀ lè wọlé, nígbà náà kò sẹ́ni tó rí oyè kankan kà, olóyè sì ti sanwó lásán. Kí ó pín in sí méjì: orúkọ kọ́kọ́ yọ lódindi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin, ó lọ, oyè wá tẹ̀lé e nígbà tí bàbá bá gbẹ́nu kúrò lórí ìkíni. Kò sí oyè tó sọnù.

Fídíò òòró ti TikTok àti Reels rọrùn ní apá kan: nítorí pé fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 1080 lórí mìlímítà 68, fọ́ńtì 45 ti tó níbẹ̀. Ibi tí orúkọ yóò wà ni ìṣòro. Meta fúnra rẹ̀ ń sọ fún àwọn tó ń polówó lórí Reels pé kí wọ́n fi ìpín 35 nínú 100 sílẹ̀ nísàlẹ̀, nítorí orúkọ oní-àkáǹtì àti ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló máa ń jókòó síbẹ̀, bọ́tìnì sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Àkọlé tó ti ń gbé ìsàlẹ̀ láti ayé WNTV gbọ́dọ̀ gòkè wá sí àyà ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ní ti fídíò ìbú, kí ẹ́dítọ̀ tó fi ránṣẹ́, kó dín àwòrán náà sí 25% lójú kọ̀ǹpútà íǹṣì 24 rẹ̀. Bí ó ṣe máa rí lọ́wọ́ olùwòran nìyẹn, ó tilẹ̀ fi díẹ̀ tóbi jù.