Secure Boot Kò Tàn? Ẹ Má Tíì Jẹ́ Kí Wọ́n Fọ́ọ̀mátì Kọ̀ǹpútà Yín

Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, Máíkírósọ́ọ̀fùtì ṣíwọ́ àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ fún Wíńdòsì 10. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń lo kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ti ń gbìyànjú láti bọ́ sí Wíńdòsì 11, tí wọ́n sì ń bá ìkìlọ̀ kan pàdé: "This PC must support Secure Boot". Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ta Battlefield 6 náà ń rí irú rẹ̀, torí pé eré yẹn kì í ṣí níbi tí Secure Boot kò bá ti tàn. Tí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́, ohun tí wọ́n sábà máa ń gbọ́ ni pé kí wọ́n kó fáìlì wọn jáde, kí wọ́n jẹ́ kí òun fọ́ọ̀mátì rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò pọn dandan rárá.

Ohun tó fa ìkìlọ̀ yẹn kì í sábà jẹ́ pé ẹ̀rọ ti gbó jù. Bí wọ́n ṣe to dísíìkì rẹ̀ níjọ́sí ni. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Wíńdòsì àti R pọ̀, ẹ kọ `msinfo32` sínú àpótí tó bá yọ, kí ẹ sì wo ìlà méjì: BIOS Mode àti Secure Boot State. Bí ti àkọ́kọ́ bá ní Legacy, tí èkejì sì ní Unsupported, àfàìmọ̀ kí dísíìkì yín má jẹ́ MBR.

MBR ti wà láti ọdún 1983, nígbà tí IBM gbé kọ̀ǹpútà PC XT jáde pẹ̀lú DOS 2.0. Inú sẹ́kítọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ wà, èyí tó ṣáájú pátápátá lórí dísíìkì, tí kò ju báìtì 512 lọ. Báìtì 446 àkọ́kọ́ ni ètò kékeré tó ń jí Wíńdòsì dìde. Báìtì 64 tó tẹ̀ lé e ni àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe pín dísíìkì, àyè mẹ́rin péré ló sì wà nínú rẹ̀. Ẹ fi mẹ́rin yẹn sọ́kàn, nítorí òun ló máa yọ wá lẹ́nu níwájú.

Nígbà tí ẹ bá tan ẹ̀rọ, BIOS ayé àtijọ́ á ka sẹ́kítọ̀ yẹn, á sì ṣe ohunkóhun tó bá bá níbẹ̀, ì báà jẹ́ ti Wíńdòsì, ì báà jẹ́ ti olè. Fáírọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Stoned, tó jáde ní Niú Sílándì ní ọdún 1987, ibẹ̀ gan-an ló fi ṣe ilé. Kí DOS tó jí, òun ti jí.

Ihò yẹn ni wọ́n fi Secure Boot dí, ó sì wọ ilé àwọn ènìyàn pẹ̀lú Wíńdòsì 8 ní ọdún 2012. UEFI, tó gba ipò BIOS, kì í tẹ̀ lé ohun tó bá bá ní sẹ́kítọ̀ àkọ́kọ́. Ìpín kékeré kan tí wọ́n ń pè ní EFI ló ń wá. Inú rẹ̀ ni fáìlì `bootmgfw.efi` ti Wíńdòsì wà, á sì yẹ àmì ìfọwọ́sí fáìlì náà wò bíi máígáàdì tó ní ìwé orúkọ méjì lọ́wọ́. Ẹni tí kò sí nínú ìwé àkọ́kọ́ kò ní wọlé, ẹni tó bá sì wà nínú ìwé kejì, ti àwọn tí wọ́n ti lé, kò ní wọlé bó ti wù kó bẹ̀bẹ̀ tó. Wíńdòsì ní tirẹ̀ ti ṣòfin pé bí òun bá máa gba ọ̀nà UEFI jí, orí dísíìkì GPT ni òun gbọ́dọ̀ wà. Ìdí nìyẹn tí a kò fi lè tan Secure Boot ká sì fi MBR sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ohun tó yani lẹ́nu ni bí ìyípadà yìí ṣe kéré tó. GPT fẹ́ sẹ́kítọ̀ 34 níwájú dísíìkì, ó sì fẹ́ 33 ní ìparí rẹ̀, níbi tó ń tọ́jú ẹ̀dà kejì sí. Láti ayé Wíńdòsì Vista, sẹ́kítọ̀ 2048 ni ìpín àkọ́kọ́ sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀, nítorí náà àyè tó ṣófo níwájú pọ̀ ju ohun tí GPT ń béèrè lọ. Fọ́tò àti ìwé yín wà níbi tí wọ́n wà. Àkọsílẹ̀ tó ń tọ́ka sí wọn ló ń yí padà. Láti ọdún 2017, nínú ẹ̀dà 1703 ti Wíńdòsì 10, ni irinṣẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ti wà nínú Wíńdòsì fúnra rẹ̀. `mbr2gpt` lorúkọ rẹ̀. Ẹ má ṣe ṣì í mú fún `convert gpt` ti inú `diskpart`, nítorí dísíìkì tó ṣófo nìkan ni ìyẹn ń gbà. Ó jọ mí pé ibẹ̀ ni ìmọ̀ràn fọ́ọ̀mátì yẹn ti wá.

Ẹ jẹ́ ká mú irú kọ̀ǹpútà kan tó wọ́pọ̀ ní Kọ̀ǹpútà Fílẹ́ẹ̀jì n'Íkẹjà. Wíńdòsì 7 ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí i, lórí dísíìkì gígabáìtì 500. Ẹni tó fi í sí i pín dísíìkì náà sí C àti D, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, Wíńdòsì sì dá ìpín System Reserved ti mẹ́gabáìtì 100 sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n sọ ọ́ di Wíńdòsì 10, ìyẹn náà sì gé mẹ́gabáìtì 450 lára C, ó fi ṣe ìpín ìtúnṣe. Ìpín ti di mẹ́rin, àyè MBR sì ti kún láìjẹ́ pé olówó ẹ̀rọ mọ̀.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ kó fáìlì yín sí dísíìkì mìíràn, nítorí irinṣẹ́ yìí kò mọ ọ̀nà àtipadà sí MBR. Ẹ má sì ṣe é lórí iná tó lè lọ nígbàkúùgbà: kí bátìrì láápútọ́ọ̀pù ti kún, tàbí kí ẹ̀rọ wà lórí ínfátà. Bí BitLocker bá wà lórí C, ẹ dá a dúró ná. Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣí Command Prompt pẹ̀lú "Run as administrator", kí ẹ kọ èyí:

```
mbr2gpt /validate /disk:0 /allowFullOS
```

Àyẹ̀wò lásán nìyí, kò yí ohunkóhun padà. Odo yẹn ni nọ́ńbà dísíìkì. Ẹni tó ní ju ẹyọ kan lọ gbọ́dọ̀ fi `list disk`, `select disk` àti `detail disk` nínú `diskpart` wo èyí tí Wíńdòsì wà lórí rẹ̀. Lórí ẹ̀rọ tiwa yìí, èsì tó máa jáde ni "Disk layout validation failed for disk 0". Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń juwọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ náà ti kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ nínú `C:\Windows\setuperr.log`, ẹ ó sì bá a níbẹ̀ pé ìpín ti pọ̀ jù, kò sí àyè tí òun lè ṣe ìpín EFI sí. Dísíìkì ṣì jẹ́ MBR nígbà tó ń ṣe ìpín yẹn, nítorí náà ó fẹ́ kí àyè kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣófo.

Èwo ni ká yọ? C kọ́, D tí ọjà ọdún mẹ́wàá wà nínú rẹ̀ kọ́. Ìpín ìtúnṣe ni, nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀ lè kó wá sórí C:

```
reagentc /info
reagentc /disable
```

Àṣẹ àkọ́kọ́ á sọ ibi tí irinṣẹ́ ìtúnṣe wà, ẹ ó sì rí ọ̀rọ̀ bíi `harddisk0\partition3` nínú rẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà yẹn sílẹ̀. Àṣẹ kejì á kó o padà sórí C. Ní báyìí, ẹ yọ ìpín tó ti ṣófo náà:

```
diskpart
select disk 0
list partition
select partition 3
delete partition override
exit
```

Mo bẹ̀ yín, ẹ dúró lórí `list partition`. Bí nọ́ńbà tí ẹ kọ sílẹ̀ kò bá bá ìpín tó tó mẹ́gabáìtì 450 mu, ẹ má tẹ̀ síwájú, nítorí `override` kì í béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Tí ẹ bá ti yọ ọ́, ẹ tún àyẹ̀wò ṣe. Bó bá ti jáde pé "Validation completed successfully", ó kù kí ẹ pààrọ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo:

```
mbr2gpt /convert /disk:0 /allowFullOS
```

Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń gbà. Á gé díẹ̀ lára C, á fi ṣe ìpín EFI, á kó fáìlì búùtù tuntun sínú rẹ̀, kó tó wá yí àkọsílẹ̀ dísíìkì padà. Ìlà tó kẹ́yìn ló ṣe pàtàkì jù: ó ń sọ pé ẹ gbọ́dọ̀ lọ yí BIOS sí UEFI kí Wíńdòsì tó lè jí. Ẹni tó bá kàn tún ẹ̀rọ tan láìṣe èyí kò ní rí Wíńdòsì, á sì máa rò pé òun ti ba nǹkan jẹ́.

Nítorí náà, bí ẹ̀rọ bá ti ń tàn padà, ẹ tẹ F2, F10 tàbí Del léraléra, gẹ́gẹ́ bí tiyín bá ṣe jẹ́, kí ẹ wọ BIOS. Ẹ pa CSM, tàbí kí ẹ yí Boot Mode kúrò ní Legacy sí UEFI, kí ẹ sì fi Windows Boot Manager ṣáájú. Ẹ má tíì fọwọ́ kan Secure Boot. Ẹ jẹ́ kí Wíńdòsì kọ́kọ́ jí báyìí, kí ẹ sì rí i pé C àti D pé. Tí ẹ bá tan méjèèjì pa pọ̀ tí ẹ̀rọ sì kọ̀, ẹ kò ní mọ èyí tó fà á. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ padà sínú BIOS lọ tan Secure Boot.

Ó lè ṣẹlẹ̀ pé BIOS sọ pé Enabled, ṣùgbọ́n `msinfo32` ṣì ń sọ pé Off. Ìwé orúkọ méjì yẹn ló ṣófo. Ẹ wá ọ̀rọ̀ bíi Restore Factory Keys nínú BIOS, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ tún ẹ̀rọ tan. Bó bá ti di On, ẹ ṣí Command Prompt lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ fi `reagentc /enable` dá irinṣẹ́ ìtúnṣe padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìpín System Reserved ọjọ́sí á ṣì wà níbẹ̀. Kò wúlò mọ́, kò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Àwọn kan wà tí gbogbo èyí kò lè ràn lọ́wọ́, ó sì yẹ kí wọ́n mọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ tí kò sí ọ̀rọ̀ UEFI kankan nínú BIOS rẹ̀ kò lè lo Secure Boot láé. Tí a bá yí dísíìkì irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ padà, Wíńdòsì kò ní jí mọ́. Wíńdòsì onímejìlélọ́gbọ̀n, tí `msinfo32` ń pè ní x86-based PC, kì í jí lórí UEFI tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ní. Ẹni tó ní Líńúsì pọ̀ mọ́ Wíńdòsì lórí dísíìkì kan náà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé fáìlì búùtù ti Wíńdòsì nìkan ni `mbr2gpt` ń tò.

Èyí tó kù ni ti àwọn kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó ní káàdì àwòrán àtijọ́. Àwọn káàdì kan tó ti pẹ́ kò gbọ́ èdè UEFI, nítorí náà bí CSM bá ti kú, ojú ẹ̀rọ á dúdú láti ìbẹ̀rẹ̀, kódà nínú BIOS. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ káàdì náà, kí ẹ gbé wáyà tẹlifíṣọ̀n kọ̀ǹpútà sí ihò tó wà lára bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀, bó bá ní. Bí àwòrán bá yọ, káàdì ló ní ẹjọ́. Ẹ lè dá a padà kí ẹ sì tan CSM, GPT yín á ṣì máa ṣiṣẹ́ lórí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù bí ẹ bá fi Windows Boot Manager ṣáájú, ṣùgbọ́n Secure Boot kò ní tàn títí ẹ ó fi ra káàdì mìíràn.