OIS àti EIS: Iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe nínú fọ́tò alẹ́ àti fídíò ẹni tó ń rìn

Ọwọ́ tó mú fóònù kì í dúró. Èémí, ìlù ọkàn àti iṣan apá máa ń yí fóònù náà díẹ̀díẹ̀ sókè sódò, sọ́tùn-ún sósì, kódà nígbà tí ẹni tó ń yàwòrán bá rò pé òun ti dúró gbọn-in. Ọ̀nà méjì ni àwọn tó ń ṣe fóònù ń gbà kojú ìgbọ̀n yìí, orúkọ tí wọ́n sì máa ń kọ sára páálí ni OIS àti EIS. OIS jẹ́ ohun èlò tó ń sún lẹ́ńsì kiri nínú kámẹ́rà. EIS jẹ́ ìṣirò tí fóònù ń ṣe lórí àwòrán tó ti yà tán. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ síra jù lọ ni àkókò: ojú kámẹ́rà ṣì là sílẹ̀ nígbà tí OIS ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ojú náà á ti pa dé kí EIS tó bẹ̀rẹ̀.

Nínú OIS, ohun kékeré kan tí wọ́n ń pè ní jáírò ló ń wọn bí fóònù ṣe ń yí, lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí fóònù bá yí sísàlẹ̀ díẹ̀, iná mànàmáná á gba inú okùn wáyà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì kọjá, á sì ti lẹ́ńsì sí ìhà kejì, kí ìmọ́lẹ̀ lè máa bọ́ sí ojú kan náà. Nokia Lumia 920, tó jáde ní 2012, wà lára àwọn fóònù tó kọ́kọ́ gbé e wá. Ní 2020, Apple ṣe ti iPhone 12 Pro Max lọ́nà mìíràn: sẹ́ńsọ̀ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń sún, lẹ́ńsì dúró sí àyè rẹ̀. Èyíkéyìí tó bá jẹ́, ohun tó ń rìn ni, ó sì lè bàjẹ́. Ní 2021, Apple kìlọ̀ pé kí ènìyàn má so iPhone mọ́ alùpùpù alágbára, torí pé ìgbọ̀n ẹ́ńjìnnì lè dá kámẹ́rà náà lágara. Fún alùpùpù kékeré, wọ́n ní kí a fi ohun tó ń gba ìgbọ̀n mọ́ra sáàárín. Ó yẹ kí ọlọ́kadà tó ń fi fóònù wo ọ̀nà fetí sí ìyẹn.

Alẹ́ ni iṣẹ́ OIS ti ń hàn jù. Ìmọ́lẹ̀ kò pọ̀, nítorí náà ojú kámẹ́rà gbọ́dọ̀ pẹ́ kó tó pa dé. Ẹ jẹ́ ká mú fóònù tí àwòrán rẹ̀ fẹ̀ tó 4,000 píkísẹ̀lì, tí lẹ́ńsì rẹ̀ sì ń rí ibi tó fẹ̀ bíi ti ọ̀pọ̀ fóònù òde òní. Bí irú fóònù bẹ́ẹ̀ bá yí ní dìgírì 1 péré, àwòrán inú rẹ̀ á sún tó 50 píkísẹ̀lì. Ká ní ọwọ́ ń yí i ní dìgírì 1 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní ọ̀sán, tí ojú kámẹ́rà kò là ju 1/500 ìṣẹ́jú àáyá lọ, ìfàgùn tó wà nínú àwòrán kò tó nǹkan. Ní alẹ́, tí ó bá là fún 1/4, iná gílóòbù á fà gùn tó 12 píkísẹ̀lì, gbogbo lẹ́tà ara pátákó ṣọ́ọ̀bù á sì di bàìbàì. Bí OIS bá pa ìdá méje nínú mẹ́jọ ìgbọ̀n náà, ìfàgùn yìí kò ní ju píkísẹ̀lì 2 lọ, ojú kò sì ní tètè rí i.

Ìgbọ̀n ọwọ́ nìkan ló ń pa, kò lè dá ẹni tí wọ́n ń yà dúró. Nínú fọ́tò òde àríyá tí wọ́n ṣe lálẹ́, tábìlì, ìgò àti aṣọ tí wọ́n ta sára ògiri lè mọ́ gaara kí ọwọ́ ẹni tó ń jó sì di èéfín. OIS ló tilẹ̀ jẹ́ kí fóònù láyà láti la ojú pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Níbi tí ènìyàn bá ti ń jó, iná tó pọ̀ sí i wúlò ju OIS lọ.

Fóònù tí kò ní OIS náà lè ya fọ́tò alẹ́ tó dára. Fóònù Pixel àkọ́kọ́ tí Google gbé jáde ní 2016 kò ní in, síbẹ̀ ètò Night Sight tó dé ní 2018 ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé kámẹ́rà á ya ọ̀pọ̀ àwòrán, ojú rẹ̀ kò sì ní pẹ́ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fóònù á wá tò wọ́n léra kí ohun tó wà nínú wọn ṣe déédéé, á sì da ìmọ́lẹ̀ wọn pọ̀. Ètò yìí súnmọ́ EIS, àmọ́ kì í ṣe EIS tí wọ́n kọ sára páálí. Ti fídíò ni ìyẹn.

Nínú fídíò, EIS máa ń gé etí gbogbo férémù. Ohun tó gé yẹn ló fi ń ní àyè láti sún àwòrán: bí jáírò bá sọ pé fóònù yí sókè, fóònù á mú apá ìsàlẹ̀ férémù náà, kí ilé tó wà nínú rẹ̀ má bàa fò. Ìdí nìyí tí ibi tí kámẹ́rà ń rí fi máa ń dín kù nígbà tí wọ́n bá tan EIS, ó sì jẹ́ ọ̀nà tó rọrùn láti mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan lórí irú lẹ́ńsì tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, àyè náà tó nǹkan bíi dìgírì 8 sọ́tùn-ún àti sósì. OIS inú fóònù kì í sáábà kọjá nǹkan bíi dìgírì 1 tàbí díẹ̀ sí i kó tó kan ògiri. Ẹni tó bá ń rìn ń mi fóònù ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, ní ọ̀sán, EIS ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú fídíò ìrìn. Kámẹ́rà GoPro kò ní OIS rárá, fídíò rẹ̀ sì ń lọ geere láti ìgbà tí HyperSmooth ti dé ní 2018.

Ẹ wá gbé fídíò kan náà sí alẹ́. Kámẹ́rà tó ń ya férémù 30 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan lè la ojú tó 1/30 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí gìgísẹ̀ bá kanlẹ̀, fóònù á jó pẹ̀ẹ́, férémù yẹn á sì fà. EIS á gbé e sí àyè tó yẹ, ṣùgbọ́n fọ́tò tó bàìbàì kì í mọ́ nítorí pé wọ́n gbé e kọ́ dáadáa sára ògiri. Ohun tí olùwòran ń rí ni òpópónà tó dúró jẹ́ẹ́, tí iná rẹ̀ sì ń mọ́, tó ń fà, tó tún ń mọ́, ní ìwọ̀n ìṣísẹ̀. Bí ènìyàn bá dá fídíò náà dúró lórí irú férémù bẹ́ẹ̀, á rí i pé gílóòbù ti di ìlà kúkúrú. Abájọ tí iPhone fi ń kọ “More Light Required” sójú rẹ̀ bí wọ́n bá tan Action Mode, tó dé ní 2022, níbi tó ṣókùnkùn: ètò náà fẹ́ ojú kámẹ́rà tó ń yára pa dé.

Fóònù tó ní méjèèjì ń pín iṣẹ́ fún wọn, OIS lórí ìgbọ̀n kéékèèké inú férémù, EIS lórí èyí tó tóbi. Pixel 2 ti 2017 ṣe bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ìró gìgísẹ̀ tó lágbára ṣì ń kọjá agbára OIS lóru. Ọ̀pá tó ní mọ́tò, èyí tí wọ́n ń pè ní gíḿbà, ló ń yí odindi fóònù nígbà tí ojú kámẹ́rà ṣì là, ó sì ní àyè tó pọ̀ fíìfíì ju ti lẹ́ńsì lọ. Kò lè mú ìgbéra sókè sódò tí ẹsẹ̀ ń fà kúrò; orúnkún tó tẹ̀ díẹ̀ àti ìṣísẹ̀ jẹ́jẹ́ ló ń ṣe ìyẹn.