Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pa fọ́tò rẹ́ torí pé fóònù ti kún, ẹ dákun, ẹ ka èyí ná

Ẹni tó bá ti lo fóònù tó ọdún méjì, àfàìmọ̀ kó má ti rí ọ̀rọ̀ yẹn lójú ẹ̀ rí: "Storage full". Fóònù ò gba fọ́tò mọ́, fídíò tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù ò ṣí mọ́. Ibẹ̀ làwọn ọ̀rẹ́ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbani nímọ̀ràn, wọn á ní, "Ṣebí gbogbo ẹ̀ ti wà lórí kláòdù, pa wọ́n rẹ́ jàre!" Onítọ̀hún á pa wọ́n rẹ́ lóòótọ́. Ọjọ́ tó bá fẹ́ẹ́ wo fọ́tò ìsìnkú bàbá ẹ̀ ló máa tó mọ̀ pé òun ti fọwọ́ ara òun ṣe ara òun.

Orúkọ yẹn gan-an ló ń tan àwọn èèyàn jẹ. Kláòdù táwọn òyìnbó ń pè é, ìkùukùu ojú ọ̀run ni, àwọn kan sì rò pé inú afẹ́fẹ́ níbì kan lókè ni fọ́tò àwọn wà. Kò sóhun tó jọ ọ́. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló wà, nínú àwọn ilé ńlá ńlá tí wọ́n to kọ̀ǹpútà sí bí ẹni to kéèsì bíà sínú ṣọ́ọ̀bù. Iléeṣẹ́ Gúúgù ní irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Dọ́bílìnì, lórílẹ̀-èdè Áílàǹdì, wọ́n sì ní òmíràn ní Hámínà, ní Fínláǹdì. Ti Hámínà yẹn, iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe pépà ni tẹ́lẹ̀ kí Gúúgù tó rà á, omi òkun ni wọ́n sì fi ń mú kára àwọn kọ̀ǹpútà ibẹ̀ tutù, torí ooru tí wọ́n ń mú jáde kì í ṣe kékeré. Kláòdù kò ju kọ̀ǹpútà ẹlòmíì téèyàn kó ẹrù ẹ̀ pamọ́ sí lọ.

Mẹ́mọ́rì inú fóònù ní tiẹ̀, nǹkan pẹlẹbẹ kan tí kò ju èékánná lọ ni, wọ́n sì ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú fóònù pátápátá. Ohun tó bá wà nínú ẹ̀, kò sí pé èèyàn ń wá dátà kó tó rí i wò. Ṣùgbọ́n tí fóònù bá já sómi, tàbí táwọn ọmọ ìta já a gbà ní Òṣòdì, ó bá a lọ nìyẹn. Àwọn tó ń ta fóònù ní Kọ̀ǹpútà Fílẹ́ẹ̀jì, n'Íkẹjà, á máa sọ pé "4 + 64" ni fóònù kan. 4 yẹn dà bíi tábìlì tí fóònù ti ń ṣiṣẹ́, 64 ni yàrá tó ń kó ẹrù sí. Kò sí kláòdù téèyàn lè sanwó ẹ̀ tó máa sọ 4 di 6, kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn gbowó lọ́wọ́ yín.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ pé tẹlọ kan wà ní Muṣin tó ń lo fóònù oní-64 jígábáìtì. Fóònù fúnra ẹ̀ ti gba 20 níbẹ̀, Wásáàpù àtàwọn áàpù yòókù ti kó 20, fọ́tò stáìlì aṣọ àti fídíò oníbàárà ló gba 24 tó kù. Fóònù kún. Kláòdù tí Gúúgù ń fún gbogbo ẹni tó bá ní ímeèlì wọn lọ́fẹ̀ẹ́ jẹ́ 15 jígábáìtì, kì í sì í ṣe fọ́tò nìkan ló wà fún. Inú ìkòkò kan náà ni lẹ́tà ímeèlì ti ń jẹun, ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ Wásáàpù tó bá ń kó pamọ́ ti ń jẹ láti ọdún 2024. Ká ní lẹ́tà ti gba 1, tí Wásáàpù gba 4, ó ku 10. Nínú 24 tí tẹlọ wa ní, 10 péré ló máa ráyè wọlé. 14 yòókù, orí fóònù yẹn nìkan ló wà láyé yìí.

Ibi tí wàhálà wà rèé o. Tẹlọ yìí á ṣí Google Photos, á sì rí gbogbo 24 tí wọ́n tò síbẹ̀ rèǹtè-rente. Kò ní í mọ̀ pé áàpù yẹn máa ń to èyí tó wà lórí kláòdù àtèyí tó wà lórí fóònù pọ̀ mọ́ra wọn ni. Rírí tó rí i níbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé ó ti dé kláòdù. Àwọn tó ti ń lò ó tipẹ́ náà tún máa ń sọ pé kò lóǹkà. Lóòótọ́ ni, Gúúgù ò ka fọ́tò tí wọ́n bá fún pọ̀ díẹ̀ mọ́ ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti June 1, ọdún 2021, ni wọ́n ti fòpin sí i.

Nǹkan mìíràn tún wà tó ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn nílùú yìí. Bí wọ́n ṣe sábà máa ń ṣètò áàpù náà, yóò máa dúró de Wáífáì kó tó kó ẹrù lọ sí kláòdù. Ẹni tó jẹ́ pé dátà orí símù ló ń lò láti January dé December, kò ní Wáífáì nílé, kò ní i níbi iṣẹ́, fọ́tò ẹ̀ lè máà tíì kúrò lórí fóònù láti ọjọ́ tó ti rà á. Ó lè yí i padà kó máa lo dátà, ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé owó lòun ń ná o, pàápàá tó bá jẹ́ fídíò.

Béèyàn ṣe máa mọ̀ ò le. Ẹ ṣí Google Photos, kẹ́ ẹ tẹ àwòrán kékeré tó dúró fún yín lókè lọ́wọ́ ọ̀tún. Yóò sọ bóyá iṣẹ́ ti parí, tàbí pé ó ṣì ku iye kan, tàbí pé àyè ti tán. Tó bá jẹ́ fọ́tò kan pàtó lọkàn yín ò balẹ̀ lé, ẹ ṣí i, kẹ́ ẹ fi ìka fà á sókè. Tẹ́ ẹ bá rí "Backed up" nísàlẹ̀ ẹ̀, ó ti dé kláòdù.

Lẹ́yìn tó bá ti dé ibẹ̀ náà, ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà yọ ọ́ lórí fóònù tún ṣe pàtàkì. "Free up space" ni kẹ́ ẹ tẹ̀, èyí tó ti wà lórí kláòdù nìkan nìyẹn máa kó kúrò lórí fóònù. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá mú fọ́tò nínú áàpù yẹn tẹ́ ẹ pa á rẹ́, yóò kúrò lórí fóònù, yóò kúrò lórí kláòdù, àní yóò kúrò lórí fóònù ìyàwó tó bá jẹ́ pé ímeèlì kan náà lẹ jọ ń lò! Inú "Trash" ló ń lọ. Èyí tó ti dé kláòdù yóò wà níbẹ̀ fún 60 ọjọ́, èyí tí kò tíì dé ibẹ̀, 30 ọjọ́ péré. Ẹni tó bá ṣàṣìṣe, kó tètè lọ gbé e jáde kí ọjọ́ tó pé.

Àmọ́, ẹrù tó bá ti wà ní kláòdù, ojú ọ̀nà la fi ń lọ gbé e. Ní March 14, ọdún 2024, ọ̀pọ̀ wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì tó gba abẹ́ òkun kọjá já nítòsí Abidjan, íńtánẹ́ẹ̀tì sì di ìdákúrekú ní Nàìjíríà fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Fọ́tò tó wà lórí kláòdù ò sọnù, ọ̀nà ibẹ̀ ló dí. Ìdí nìyí tó fi dáa kí èèyàn fi àwọn èyí tó bá ń lò lójoojúmọ́ sílẹ̀ lórí fóònù, bíi fọ́tò sátífíkéètì, ìwé ilẹ̀ tàbí stáìlì oníbàárà ọ̀sẹ̀ yìí.

Ní ti fóònù tí wọ́n jí, òmíràn lèèyàn máa rà, kó fi ímeèlì àti páásíwọ̀ọ̀dù àtijọ́ wọlé, àwọn fọ́tò á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Ibi tó máa ń há sí ni pé Gúúgù lè fi nọ́ńbà àṣírí ránṣẹ́ sí símù tó wà nínú fóònù tí wọ́n jí yẹn. Ẹ kọ́kọ́ lọ gba símù yín padà ná kẹ́ ẹ tó máa gbìyànjú. Kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́ jù, torí ímeèlì tẹ́nì kankan ò bá lò fún ọdún méjì gbáko, Gúúgù lè pa á rẹ́ tòun ti gbogbo fọ́tò inú ẹ̀.